Orúkọ àti ọfà láti inú fọ́tò ojú-ìwé kẹ́mísírì: ìpele dé ìpele

Wọ́n fi fọ́tò ojú-ìwé kan ránṣẹ́ sí yín. Àwòrán oníkọ́lọkọ̀lọ kan wà lápá òsì, ọfà gbọọrọ kan tẹ̀ lé e, wọ́n kọ HBr sórí ọfà náà, àmì ìbéèrè sì wà lápá ọ̀tún. Ìbéèrè ní kí ẹ sọ orúkọ ohun tó wà lápá òsì, kí ẹ fa mẹ́káníìsìmù rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ èyí tó máa pọ̀ jù nínú ohun tó bá jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ òfin ìsọlórúkọ lórí, síbẹ̀ ìdáhùn wọn kì í bọ́ sí i. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé wọ́n ti ṣi àwòrán náà kà kí wọ́n tó fi pẹ́ńsù kan bébà. Ìlà kan ṣoṣo tó bá parẹ́ nínú fọ́tò ti sọ kẹ́míkà kan di òmíràn.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la máa tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí àwòrán apá òsì ṣe rí nìyí: ìlà kúkúrú méjì pàdé níbì kan bíi ẹnu pàǹlà, ìlà kan jáde láti ibi tí wọ́n ti pàdé lọ sí kọ̀rọ̀ tó kàn, láti kọ̀rọ̀ yẹn ni ìlà méjì tó jọ ń rìn pọ̀ ti lọ parí sí òpin.

Ohun tí ẹ nílò

- Fọ́tò tó mọ́lẹ̀, tó ní àwọ̀, tí wọn ò tíì gé etí rẹ̀
- Bébà òfìfo, pẹ́ńsù àti ìrésà (bíírò kò dáa fún iṣẹ́ yìí, ẹ máa pa nǹkan rẹ́)
- Bíírò pupa kan fún àwọn ọfà nìkan
- Bébà dúdú kan, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ya fọ́tò náà

Ìpele 1: Fọ́tò tó ṣeé kà

Ẹ tẹ́ ìwé náà pẹrẹsẹ, kí ẹ sì ki bébà dúdú yẹn bọ ẹ̀yìn ojú-ìwé tí ẹ fẹ́ yà. Bébà inú ìwé fẹ́lẹ́. Bí bébà funfun bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ojú kejì máa ń yọ wá sójú fọ́tò, ìlà tó bá sì yọ bẹ́ẹ̀ lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè gidi kan kó sì jọ ọ́. Ẹ pa iná kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Kí fóònù dúró gbọọrọ lórí ìwé, kó má dagun.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìlà ìyípadà náà wọlé sínú fọ́tò, pàápàá ohun kéékèèké tí wọ́n kọ sókè àti sísàlẹ̀ ọfà. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ ní ìpele 4.

Ìkìlọ̀: ẹ má lo ipò “skáánù” aláwọ̀ dúdú àti funfun tó wà lórí fóònù. Ó ń mú ọ̀rọ̀ dán mọ́rán lóòótọ́, àmọ́ ìlà tín-ín-rín ló ń pa lára. Ìlà méjì tó sún mọ́ra lè lẹ̀ pọ̀ di ìlà ńlá kan, èyí tó tín-ín-rín sì lè pòórá pátápátá. Ìlà tó já wẹ́wẹ́, èyí tó ń sọ pé átọ́ọ̀mù kan wà lẹ́yìn bébà, lè lẹ̀ pọ̀ kó dà bí ìlà dúdú tó ń fẹ̀ síwájú, èyí tó ń sọ pé átọ́ọ̀mù náà ń bọ̀ sọ́dọ̀ yín. Nípa bẹ́ẹ̀, kẹ́míkà tí ìtò átọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ R ti di S, tó yàtọ̀ sí i bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe yàtọ̀ sí ọwọ́ òsì, ẹnikẹ́ni ò sì fura.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fọ́tò bá yí bíi ti inú dígí, bí kámẹ́rà ojú fóònù ṣe máa ń ṣe nígbà mìíràn. Ẹ wo àwọn lẹ́tà: tí wọ́n bá yí sẹ́yìn, ẹ yí fọ́tò náà padà kí ẹ tó ka ohunkóhun. Ti fọ́tò tó dorí kodò kò le, ẹ kàn yí i, kò ba R tàbí S jẹ́. Bó bá sì jẹ́ ẹlòmíì ló ya fọ́tò, ẹ ní kó fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, kó má fi ránṣẹ́ bí àwòrán lásán, torí pé áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ orí fóònù máa ń fún àwòrán pọ̀ kó tó gbé e lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ fẹ ibi tí ìlà méjì wà lójú. Ṣé ẹ rí funfun láàárín wọn? Ṣé ẹ lè ka nọ́ńbà tó kéré jù lójú-ìwé náà láìsí pé ẹ ń méfò? Bí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tún un yà.

Ìpele 2: Ẹ tún un yà lọ́wọ́, kí ẹ sì ka háídírójìn

Ìpele yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, èmi sì gbà pé òun ló ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ má sọ orúkọ kankan láti ojú fọ́tò. Ẹ ya àwòrán náà sórí bébà yín, kó tóbi tó ìlọ́po mẹ́ta ti inú ìwé, kí ẹ fi àmì tóótòòtó sí gbogbo kọ̀rọ̀ àti gbogbo òpin ìlà tí kò ní lẹ́tà. Kábọ́ọ̀nù kan ni àmì kọ̀ọ̀kan. Nínú àpẹẹrẹ wa, àmì márùn-ún ló yẹ kó jáde.

Ẹ wá fún wọn ní lẹ́tà kéékèèké. Àwọn òpin méjì tó wà ní ẹnu pàǹlà jẹ́ a àti b, ibi tí wọ́n ti pàdé jẹ́ d, kọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e jẹ́ e, òpin ìlà méjì jẹ́ f. Lẹ́tà ni mo ní kí ẹ lò, ẹ má tíì lo nọ́ńbà, nítorí pé nọ́ńbà kábọ́ọ̀nù kan náà máa yí padà nígbà tí kẹ́míkà bá yí padà, ẹ sì máa sọ nù láàárín ọ̀nà. Ẹ má lo lẹ́tà ńlá pẹ̀lú, torí B àti F jẹ́ orúkọ átọ́ọ̀mù.

Kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìdè mẹ́rin. Ìdè tí ẹ kò bá rí lójú àwòrán, háídírójìn ló wà níbẹ̀. Kábọ́ọ̀nù a ní ìlà kan, ó ku mẹ́ta, CH3 nìyẹn, b náà sì rí bẹ́ẹ̀. Kábọ́ọ̀nù d ní ìlà mẹ́ta, ó ku ẹyọ kan, CH ni. Kábọ́ọ̀nù e ní ìlà kan sí apá d àti méjì sí apá f, àpapọ̀ rẹ̀ mẹ́ta, CH ni òun náà. Kábọ́ọ̀nù f ní ìlà méjì, ó ku méjì, CH2. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 3 + 3 + 1 + 1 + 2, ó jẹ́ 10. C5H10 la ní lọ́wọ́.

Ìkìlọ̀ nípa àwọn àmì kéékèèké: lẹ́tà Cl máa ń dà bíi C àti I nínú fọ́tò tí kò mọ́lẹ̀. Me, Et àti Ph kì í ṣe átọ́ọ̀mù, ìkékúrú ni wọ́n, kí ẹ tú wọn ká sí CH3, C2H5 àti C6H5 kí ẹ tó kà. Tóótòòtó tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ O, N tàbí Br ní méjì-méjì jẹ́ ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò sí nínú ìdè. Tí ẹ bá rí ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ dúró: ó lè jẹ́ eruku, ó sì lè jẹ́ rádíkà, mẹ́káníìsìmù rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí a fẹ́ fà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: kábọ́ọ̀nù márùn-ún tí kò ní ìdè onílà méjì, tí kò sì yí po bí òrùka, máa ń gbé háídírójìn 2 × 5 + 2, èyí tó jẹ́ 12. Tiwa jẹ́ 10, ó dín méjì, ìdè onílà méjì kan tàbí òrùka kan sì ni dídín méjì yẹn dúró fún. Ìdè onílà méjì kan náà la rí lójú àwòrán, ó bára mu. Bí ti yín bá jẹ́ 12, ìlà kejì ti pòórá mọ́ yín lójú. Ẹ padà sí fọ́tò.

Ìpele 3: Orúkọ ohun tó wà lápá òsì

Ẹ wá ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù tó gùn jù tó sì ní ìdè onílà méjì nínú. Ẹ fi ìka tẹ̀ lé e: a, d, e, f. Mẹ́rin ni. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti b dípò a, mẹ́rin náà ló máa jẹ́, torí a àti b kò yàtọ̀ síra. Kábọ́ọ̀nù mẹ́rin jẹ́ “but”, ìdè onílà méjì jẹ́ “ene” ní ìparí. Èyí tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀ka mẹ́tíìlì kan.

Ẹ wá ka nọ́ńbà. Ìdè onílà méjì ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí nọ́ńbà tó kéré jù, ẹ̀yìn rẹ̀ la tó ń wo ti ẹ̀ka mẹ́tíìlì. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti f, ìdè náà bẹ̀rẹ̀ ní 1, mẹ́tíìlì sì bọ́ sí 3. Orúkọ rẹ̀ ni `3-methylbut-1-ene`.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ní ibí yìí ni `2-methylbut-3-ene`. Ẹni tó kọ ọ́ ń ka àwòrán láti òsì sí ọ̀tún bí ìgbà téèyàn ń ka gbólóhùn, ó sì dùn mọ́ ọn pé mẹ́tíìlì gba nọ́ńbà kékeré. Òfin kò wo apá tí àwòrán kọjú sí rárá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ bo fọ́tò mọ́lẹ̀. Ẹ fi orúkọ tí ẹ kọ nìkan tún kẹ́míkà náà yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ka háídírójìn rẹ̀. Tí C5H10 bá jáde, tí ẹnu pàǹlà àti ìlà méjì sì wà ní ipò tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, orúkọ náà dúró.

Ìpele 4: Kí ni wọ́n kọ sórí ọfà?

Ẹ padà sínú fọ́tò, kí ẹ sì ka gbogbo ohun tó yí ọfà gbọọrọ náà ká. HBr nìkan la rí nínú tiwa, nítorí náà ọ̀nà tó ń gba kábọ́ọ̀nù onípọ́sítíífù kọjá la máa fà. Ká ní ROOR tàbí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pẹ́rọ́ọ̀sáídì wà lábẹ́ ọfà ni, rádíkà ló máa ṣiṣẹ́, Br á lọ jókòó sórí kábọ́ọ̀nù f, ohun tó máa jáde á sì jẹ́ `1-bromo-3-methylbutane`. Lẹ́tà mẹ́rin péré ló wà láàárín ìdáhùn méjèèjì, etí fọ́tò tí wọ́n gé kúrò ló sì sábà máa ń gbé wọn lọ. Bí ẹ bá fura pé wọ́n ti gé nǹkan kúrò, ẹ bèèrè fọ́tò tó pé.

Ìpele 5: Ọfà méjì àkọ́kọ́

Ọfà títẹ̀ ń sọ ibi tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ti ń kúrò àti ibi tí wọ́n ń lọ. Kò sọ ibi tí átọ́ọ̀mù ń lọ rárá. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kò ní fi ìdí ọfà sórí H tàbí sórí àmì +, torí kò sí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ẹ mú bíírò pupa. Ọfà kìíní bẹ̀rẹ̀ láti àárín ìdè onílà méjì tó wà láàárín e àti f, ẹnu rẹ̀ sì kan H inú HBr. Ọfà kejì bẹ̀rẹ̀ láti àárín ìlà tó so H pọ̀ mọ́ Br, ó sì parí sórí Br. Ẹ fa méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá fa ti àkọ́kọ́ tí ẹ fi ti ìkejì sílẹ̀, H á ní ìdè méjì, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀.

Ibo wá ni H jókòó sí, e ni tàbí f? Ọfà nìkan kò sọ. Tí H bá lọ sórí f, kábọ́ọ̀nù e ló máa di onípọ́sítíífù, kábọ́ọ̀nù méjì (d àti f) ló sì máa fi ara tì í. Tí H bá lọ sórí e, f á di onípọ́sítíífù, kábọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló máa tì í. Èyí tí kábọ́ọ̀nù púpọ̀ tì lẹ́yìn ló máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí náà H lọ sórí f. Ẹ kọ ọ́ gedegbe nínú àwòrán tó tẹ̀ lé e: f ti di CH3, àmì + wà lórí e, Br sì dúró lọ́tọ̀ pẹ̀lú tóótòòtó mẹ́jọ àti àmì −.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ ro àmì + àti − pọ̀ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí ìyípadà tó bẹ̀rẹ̀, òdo ni. Lẹ́yìn ọfà méjèèjì, + kan àti − kan, òdo náà ni. Kábọ́ọ̀nù e gbọ́dọ̀ ní ìdè mẹ́ta péré: d, f àti H tirẹ̀. Tó bá ní mẹ́rin tí + sì wà lórí rẹ̀, ẹ ti fi H kan kún un jù.

Ìpele 6: Háídírójìn tó ṣí lọ

Ọ̀pọ̀ ìdáhùn ń gbàgbé ìpele yìí, wọ́n á kàn fi Br sórí e, wọ́n á sì rò pé ó ti parí. Kí Br tó dé, ẹ wo aládùúgbò e. Kábọ́ọ̀nù d wà nítòsí rẹ̀, ó ní H kan, kábọ́ọ̀nù mẹ́ta ló sì yí i ká. Tí àmì + bá lè bọ́ sórí d, ara á tù ú ju bó ṣe wà lórí e lọ.

Ọfà ìpele yìí jẹ́ ẹyọ kan: ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín ìlà tó so d pọ̀ mọ́ H rẹ̀, ó sì parí sórí e. H yẹn gbé ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù e ti wá di CH2, àmì + sì ti bọ́ sórí d. Fọ́tò kì í fi H yìí hàn nítorí pé wọn kì í ya H sórí àwòrán oníkọ́lọkọ̀lọ. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ jáde lórí d kí ẹ tó lè fa ọfà láti ìdè rẹ̀.

Ìkìlọ̀: àwọn kan á ní kí mẹ́tíìlì (a tàbí b) ṣí lọ dípò H. Ẹ dán an wò lórí bébà. Bí kábọ́ọ̀nù a bá ṣí lọ sórí e, d á ku sí b, e àti H tirẹ̀. Kábọ́ọ̀nù méjì péré ló tì í, bó ti rí fún e tẹ́lẹ̀. Kò sí èrè níbẹ̀, nítorí náà H ló máa lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ ka háídírójìn tó wà lára onípọ́sítíífù náà kí H tó ṣí àti lẹ́yìn tó ti ṣí. Mọ́kànlá ni nígbà méjèèjì. Tó bá yàtọ̀, ẹ ti so H mọ́ ibì kan láì já a kúrò níbi tó wà.

Ìpele 7: Br dé, orúkọ méjì jáde

Ọfà tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ láti orí tóótòòtó méjì lára Br, ó sì kan kábọ́ọ̀nù tó ní +. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé onípọ́sítíífù méjèèjì ni Br lè bá pàdé, ohun méjì ló sì ń jáde pọ̀.

Bó bá mú e kí H tó ṣí, Br wà lórí e. Ẹ̀wọ̀n náà ṣì jẹ́ mẹ́rin, kò sí ìdè onílà méjì mọ́. Ẹ kà láti f: Br wà ní 2, mẹ́tíìlì wà ní 3. Ẹ kà láti a: mẹ́tíìlì wà ní 2, Br wà ní 3. Méjèèjì jẹ́ 2 àti 3, wọ́n ta ọ̀mì. Ní irú ibẹ̀, èyí tí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú álífábẹ́ẹ̀tì ló gba nọ́ńbà kékeré, “bromo” sì ṣáájú “methyl”. `2-bromo-3-methylbutane` ni. Nítorí pé kábọ́ọ̀nù e ti ní ohun mẹ́rin tó yàtọ̀ síra báyìí, tí Br sì lè wọlé láti iwájú tàbí láti ẹ̀yìn, R àti S máa jáde ní dọ́gba-dọ́gba. Ẹ má fi ìlà dúdú tó ń fẹ̀ sí i.

Bó bá mú d lẹ́yìn tí H ti ṣí, Br àti mẹ́tíìlì wà lórí kábọ́ọ̀nù kan náà. Láti a, àwọn méjèèjì wà ní 2. Láti f, wọ́n wà ní 3. A mú 2: `2-bromo-2-methylbutane`. Kò sí R tàbí S níbí, torí mẹ́tíìlì méjì kan náà ló wà lórí d. Èyí tó wá láti ara onípọ́sítíífù tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù la máa ń kọ sílẹ̀ bí èyí tó pọ̀ jù, ìkejì á tẹ̀ lé e.

Ẹ kíyè sí i pé kábọ́ọ̀nù d jẹ́ 3 nínú orúkọ àkọ́kọ́, ó wá di 2 nínú èyí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ lo lẹ́tà nìyẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: C5H10 pẹ̀lú HBr gbọ́dọ̀ jẹ́ C5H11Br. Ẹ ka H lórí ohun méjèèjì. Lórí ti ìkejì, a, b àti f jẹ́ 3 + 3 + 3, e jẹ́ 2, d kò ní kankan. 11 ni.

Ìpele 8: Fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò

Ìwádìí yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan yìí sínú àpótí ìwákiri PubChem, ìkànnì tí wọ́n kó ìsọfúnni nípa kẹ́míkà jọ sí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹ wo orúkọ tó wà níwájú `IUPAC Name` lójú-ìwé tó bá ṣí:

```
CC(C)C=C
CC(C)C(C)Br
CCC(C)(C)Br
```

Àmì `=` ni ìdè onílà méjì, ohun tó wà nínú àkámọ́ jẹ́ ẹ̀ka, H kì í hàn. Bí orúkọ ibẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti yín, ẹ kọ́kọ́ wo fọ́múlà tó wà lójú-ìwé kan náà. Tí fọ́múlà bá bára mu tí orúkọ sì yàtọ̀, ìkà nọ́ńbà yín ló yẹ kí ẹ tún wò ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà bóyá ẹ̀ka bọ́ síbi tí kò yẹ nínú ohun tí ẹ tẹ̀. Tí fọ́múlà fúnra rẹ̀ bá yàtọ̀, ìpele 2 ni kí ẹ padà sí. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ wọlé nìkan sì ni ẹ̀rọ náà mọ̀: bí ẹ bá tẹ `CC(C)CC` nítorí pé ìlà kejì kò hàn nínú fọ́tò, á fún yín ní `2-methylbutane` láì janpata, orúkọ tó péye fún kẹ́míkà tí kò sí lójú-ìwé yẹn rárá.